Ìbéèrè alẹ́ Sọ́ńdè tó kú ní ọ̀sẹ̀ kẹrin

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìdánwò ICAN ti àwọn akáńtáńtì ni mò ń kà fún, Mọ̀wé ni mò ń gbé, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ní ká máa bi ara wa léèrè ní gbogbo Sọ́ńdè, èmi lórí ìwé mi, òun lórí owó tó fẹ́ fi ra máṣíìnì ìránṣọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn gan-an, lẹ́yìn ẹ̀ ó di 'màá pè ẹ́ padà', ní báyìí a kì í dárúkọ ẹ̀ mọ́. Ṣé kí n wá ẹlòmíì ni, àbí kí n ní kí ọkọ mi máa bi mí?"

Àbúrò mi, má tíì wá ẹlòmíì. Tó o bá gbé irú àdéhùn tẹ́ ẹ ṣe yẹn lọ bá ẹlòmíì, àdéhùn ọ̀hún á tún kú ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, torí pé ibi tó ti bàjẹ́ kì í ṣe ara ọ̀rẹ́ ẹ, kì í sì í ṣe ara tìẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń so àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n tún ń kàwé pọ̀ ní méjì méjì, àwọn tó ń ka ICAN ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó ń tọ́jú owó náà wà níbẹ̀, bí nǹkan yìí sì ṣe ń kú fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra láàárín gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ kìíní, inú ń dùn, iṣẹ́ ń lọ. Ìkejì, ìkẹta, ó ṣì ń lọ. Ọ̀sẹ̀ kan á wá dé tí ọ̀gá á ní kẹ́ ẹ parí ìṣirò òpin oṣù kẹ́ ẹ tó lọlé, tàbí kí ara ọmọ má yá, èèyàn ò sì ní lè fọwọ́ kan ìwé rárá. Ìyẹn ò burú, kò sẹ́ni tí kì í ṣẹlẹ̀ sí. Èyí tó burú ni Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Ojú á ti ẹni náà, á ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi Mọ́ńdè kà á kí n tó pè é, Mọ́ńdè á kọjá, kò ní pè, ẹnì kejì tí òun náà ò ṣe tiẹ̀ dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn á sì máa dúpẹ́ nínú ọkàn ẹ̀ pé wọn ò bi òun. Bó ṣe ń parí nìyẹn, kò sí ìjà, kò sẹ́ni tó sọ pé ó tó.

Kí ló fà á? Kọ́kọ́ wo ohun tẹ́ ẹ ń bi ara yín. Ó dá mi lójú pé "ìwé ń kọ́?" ni òun ń bi ẹ́, "owó ń kọ́?" nìwọ náà ń bi í. Èsì tí irú ìbéèrè yẹn ń mú wá ni "ó ń lọ, a dúpẹ́." Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí òótọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ka wákàtí mẹ́wàá lè sọ ọ́, ẹni tó kàn ṣí ìwé lẹ́ẹ̀kan nínú ọkọ̀ lè sọ ọ́, ẹni tó ń gbọ́ ò sì ní mọ ìyàtọ̀. Tí ìbéèrè bá ti rí báyìí, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá lọ, ìwọ náà ò ní rí i kó o yọ̀, lọ́jọ́ tí kò bá sì lọ, wàá rí ibi sá sí. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á mọ̀ lọ́kàn yín pé ìbéèrè yẹn ò wọn nǹkan kan, ohun tí kò bá sì wọn nǹkan kan, agara ẹ̀ kì í pẹ́ dá èèyàn.

Ìkejì, ọ̀pọ̀ rò pé iṣẹ́ ẹni tó ń bi wọ́n léèrè ni kó máa tì wọ́n, kó máa gbaná jẹ, kó máa pariwo mọ́ wọn. Níbi tí mo ti rí i, ẹni tó ń pariwo kì í pẹ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pariwo mọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́. Ohun tí ẹnì kejì wà fún ò jù pé kó o mọ̀ láti Mọ́ńdè pé tó bá di aago méje alẹ́ Sọ́ńdè, ẹnì kan á ka nọ́ńbà tó o bá fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ gangan, láàárín Mọ́ńdè sí Sátidé lo máa ṣe é, nígbà tí kò sí lọ́dọ̀ ẹ. Wàá ti rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pín kiri lórí wásáàpù pé ẹni tó bá ní ẹni tó ń bi í léèrè, ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi máa ṣàṣeyọrí. Má gbára lé e o, àwọn tó ń pín in kì í fi ìwádìí tó bí i hàn. Èyí tó ṣeé gbára lé ni iṣẹ́ tí Benjamin Harkin, Thomas Webb ti yunifásítì Sheffield àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde lọ́dún 2016. Ìwádìí 138 ni wọ́n kó jọ, àwọn tó kópa nínú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000, wọ́n sì rí i pé tí wọ́n bá mú kí èèyàn máa yẹ ibi tó dé wò, ó ń ràn án lọ́wọ́ láti débi tó ń lọ, àǹfààní ẹ̀ sì tún ń pọ̀ sí i tó bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí ẹlòmíì sì ń rí i. Nǹkan mìíì wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an: ohun tó o bá ń yẹ̀ wò ló ń yí padà. Tó o bá ń ka ohun tó o ṣe, ohun tó ò ń ṣe ló ń dáa sí i, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àbájáde nìkan lò ń wò, bó o ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ lè má yí padà. Webb yìí náà àti àwọn míì ti kọ̀wé lọ́dún 2013 lórí bí èèyàn ṣe máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún wíwo ibi tó dé, pàápàá tó bá ti fura pé ohun tó máa rí ò ní dùn mọ́ òun. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin méjèèjì ní alẹ́ Sọ́ńdè gan-an nìyẹn.

Torí náà, kí ni kó o máa kà? Fún ìdánwò yín, má ka ojú ìwé, má sì ka wákàtí. Wákàtí máa ń tan èèyàn jẹ, o lè jókòó ti ìwé fún wákàtí méjì kó jẹ́ pé ìpínrọ̀ kan náà lò ń tún kà. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n kà ni ìbéèrè tí wọ́n jókòó dáhùn tán pẹ̀lú aago láìwo ìdáhùn. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fún yín fún máàkì 100, tó o bá pín in, ìbéèrè onímáàkì 20 gba ìṣẹ́jú 36. Mú Pathfinder tí ICAN fúnra wọn ń gbé jáde, ìbéèrè àtẹ̀yìnwá àti ìdáhùn wọn wà nínú ẹ̀, yan ìbéèrè kan, dá aago fóònù ẹ sí ìṣẹ́jú 36, kó o kọ ọ́ bí ìgbà tó o wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò gan-an. Tí aago bá ti dún, gbé bírò sílẹ̀ kódà kó jẹ́ àárín gbólóhùn lo wà, wá ṣí ìdáhùn kó o fi máàkì fún ara ẹ. Ìyẹn ni ẹyọ kan. Èyí tó o kọ tí o ò máàkì, kò tíì di ẹyọ kan. Mo mọ̀ pé ó dà bíi pé ó kéré, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìwé lásán lè máa rò pé òun mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ ìdánwò, ìṣẹ́jú 36 yìí ló máa sọ òótọ́ fún un. Máàkì tó o gbà, kọ ọ́ sí inú ìwé ara ẹ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó jẹ́ òun lò ń fi ránṣẹ́ ní Sọ́ńdè. Ìdí ni pé ọ̀sẹ̀ tó o bá gbìyànjú ìbéèrè tó le, máàkì á wálẹ̀, tó bá sì jẹ́ máàkì ni ọ̀rẹ́ ẹ ń rí, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í yan èyí tó rọrùn.

Mélòó lọ́sẹ̀? Ẹni tó ń jáde ní Mọ̀wé ní ìdájí, tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ òpópónà márosẹ̀ ń dá padà sílé lálẹ́ pátápátá, kó má pe mẹ́wàá. Mẹ́ta ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀, méjì ní Sátidé, kó o sì sọ wákàtí àti ibi tó o ti máa ṣe é, kì í ṣe "láàárín ọ̀sẹ̀" lásán. Sọ pé Wẹ́sìdeè, tí mo bá ti jẹun tán, lórí tábìlì iyàrá ìdáná. Tó o bá ti ń ṣe mẹ́ta fún bí oṣù kan láìfi bẹ́ẹ̀ pa á jẹ, o lè gbé e sí mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ ẹ tó fẹ́ ra máṣíìnì náà, àpapọ̀ owó kọ́ ni kó máa sọ o. Iye ìgbà tó fi owó tó dá síbẹ̀ lọ́jọ́ tó dá ni. Oníṣòwò tàbí aránṣọ, ọ̀sẹ̀ kan ọjà á ya, ọ̀sẹ̀ kejì ò ní ya, tó bá jẹ́ àpapọ̀ ló ń sọ, ọ̀sẹ̀ tí oníbàárà kan bá san gbèsè àtijọ́ á dà bíi pé ó ṣe gudugudu méje, bẹ́ẹ̀ kò tọ́jú kọ́bọ̀ nínú èyí tó ń wọlé fún un.

Jẹ́ kí n fi àwọn méjì kan ṣàlàyé fún ẹ bó ṣe rí. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì n'Ìbàdàn, ìdánwò kan náà pẹ̀lú tìẹ ló ń kà fún, mo so ó pọ̀ mọ́ nọ́ọ̀sì kan l'Abẹ́òkúta tí dókítà ní kó máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọn ò mọra tẹ́lẹ̀. Òun, ìbéèrè mẹ́rin lọ́sẹ̀, nọ́ọ̀sì, ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin. Mi ò jẹ́ kí wọ́n máa pe ara wọn, orí wásáàpù ni wọ́n ti ń kọ ọ́, tó bá sì ti di aago méje alẹ́ Sọ́ńdè, tọmọkùnrin yẹn á wọlé báyìí: "Mo ní 4, mo ṣe 3. Tọ́sìdeè ni ọ̀kan bọ́, ìpàdé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: 4, Túsìdeè àti Tọ́sìdeè aago mẹ́sàn-án alẹ́, Sátidé méjì." Nọ́ọ̀sì á fi tiẹ̀ ránṣẹ́, á kọ "mo ti rí i," ó tán, wọn kì í lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Òpin oṣù dé, báńkì fún ọmọkùnrin náà lọ́rùn, kò ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Ohun tó kọ ni "Mo ní 4, mo ṣe òfo. Òpin oṣù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: 2, Sátidé ni méjèèjì." Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn pé "mo ti rí i, 2." Kò bá a wí, kò pẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ó ṣe méjì, lẹ́yìn ẹ̀ ó padà sí mẹ́rin. Ìgbà tó yá ni nọ́ọ̀sì fa ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá sókè, ó rí i pé yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ òpin oṣù yẹn, gbogbo èyí tó ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn, Tọ́sìdeè ni gbogbo ẹ̀, ó wá bi í pé ṣé gbogbo Tọ́sìdeè ni wọ́n ń ṣèpàdé ni? Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo Tọ́sìdeè. Ó gbé ẹyọ Tọ́sìdeè lọ sí ìdájí Fúráídeè, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ìyẹn sì parí. Wò ó dáadáa, ìmọ̀ràn kankan ò sí nínú ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe, kò mọ nǹkan kan nípa ìṣirò owó. Ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ló kàn kà.

Òfo yẹn ni mo fẹ́ kó o mú dání jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni tiyín ti kú. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni kẹ́ ẹ ti jọ sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lọ́sẹ̀ tí kò bá dáa. Àkọ́kọ́, òfo náà gbọ́dọ̀ wọlé ní aago méje bíi ti ọ̀sẹ̀ tó dáa, kò sí "jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe díẹ̀." Bí èsúsú ṣe rí ni, ọjọ́ tí wọ́n dá ló mú kó dúró, ọjọ́ tí wọ́n bá ti ń dá a bó ṣe wù wọ́n ni wọ́n ti tú u ká. Ìdí tí kò fi ṣeé ṣe ò gbọ́dọ̀ ju gbólóhùn kan lọ. Àlàyé gígùn máa ń sọ ẹnì kejì di adájọ́, á wá di pé ó ń rò ó bóyá ìdí náà tó, ohun tí ẹ ò fẹ́ gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀, má ṣe kó ẹyọ tó bọ́ lé ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lórí. Ẹni tó jẹ mẹ́ta tó wá ní òun á ṣe mẹ́fà, kò ní ṣe mẹ́fà, kò sì ní ṣe mẹ́ta, gbèsè á máa ga sí i títí tó fi máa sá. Ńṣe ni kó o gé nọ́ńbà sí ìdajì tàbí kó o fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀, kó o rí nǹkan mú lọ síwájú ẹ̀ ní Sọ́ńdè kejì. Tí òfo bá wá tẹ̀ léra lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ pe ara yín lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mọ́, nǹkan tó ò ń lé yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sọ: ṣé o ṣì fẹ́ ẹ báyìí, àbí ìdánwò ìgbà tó ń bọ̀ ló yẹ kó o máa wò. Tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ ni kò fi tiẹ̀ ránṣẹ́, fi tìẹ ránṣẹ́ bó ṣe yẹ, má dúró dè é. Alẹ́ Mọ́ńdè, bi í lẹ́ẹ̀kan péré. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tí kò sí ohùn, béèrè gbangba pé ṣé ká dá a dúró ni, kó lè rí ọ̀nà jáde láìsí ìtìjú.

Ní ti ọkọ ẹ, mi ò ní sọ pé kò ṣeé ṣe láé, àwọn kan wà tó rọrùn fún, ṣùgbọ́n mi kì í fi ẹni tó ń gbé inú ilé kan náà bẹ̀rẹ̀. Ilé ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bínú síra yín lórí owó ilé ìwé, ìbéèrè Sọ́ńdè ò ní wáyé, tàbí kó wáyé bí ẹ̀sùn, "ṣé o ti kà á tán tó o fi ń wo tẹlifíṣọ̀n?" Ọkọ ẹ tún wà lára ibi tí àkókò ẹ ń gbà lọ, kì í ṣe pé ó burú, oúnjẹ àti ọmọ ni. Tó o bá wá sọ fún un pé o ò ráyè kà, ó lè dà bíi pé òun lò ń bá wí. Nǹkan mìíì ni kó o bẹ̀ ẹ́: pé láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ Wẹ́sìdeè títí di mẹ́wàá, òun ni ọmọ wà lọ́wọ́ ẹ̀, pé àárọ̀ Sátidé náà, wákàtí méjì. Tó bá ṣe ìyẹn fún ẹ, ó ti ṣe ju kó máa bi ẹ́ léèrè lọ. Ọ̀rẹ́ ẹ ṣì dára, kódà bí kì í ṣe nǹkan kan náà lẹ jọ ń lé yẹn, àǹfààní ló jẹ́, torí àwọn tó jọ ń ka ìdánwò kan náà máa ń fi ara wọn wéra, ọ̀kan á yá díẹ̀, ẹnì kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiẹ̀ pamọ́. Ẹni tí n kò ní gbà ẹ́ nímọ̀ràn ni ẹni tó o jẹ lówó, ọ̀gá ẹ níbi iṣẹ́, àti ẹni tó o máa ń fẹ́ kó rí ẹ bí ẹni ńlá, torí pé o ò ní lè kọ "òfo" sí wọn.

Wọ́n á tún sọ fún ẹ pé kẹ́ ẹ máa bu owó ìtanràn. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ti san owó máa ń rò pé òun ti ra ìsinmi, ojú ò tì í mọ́, ọ̀sẹ̀ kejì á tún san. Láàárín ọ̀rẹ́ méjì tí ọ̀kan ń wá owó máṣíìnì, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa gbé owó sí i. Wọ́n á sì ní kó o gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì kí gbogbo èèyàn lè mọ̀. Ìyẹn ni mo lòdì sí jù. Peter Gollwitzer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe àyẹ̀wò kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2009, wọ́n lo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó fẹ́ di lọ́yà, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ẹlòmíì ti mọ ohun tí wọ́n pinnu láti ṣe ò ṣiṣẹ́ tó àwọn tí ẹlòmíì ò mọ tiwọn. Wọ́n ní bí ẹlòmíì bá ti mọ̀ ọ́n, ó máa ń ṣe ẹni náà bíi pé ó ti ń dé ibẹ̀. Tí gbogbo èèyàn bá ti ń pè ẹ́ ní ṣátádì lórí wásáàpù, apá kan ọkàn ẹ ti jẹ èrè náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tó o ti ṣe lò ń sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ, kì í ṣe ohun tó o fẹ́ dà.

Kí n má tàn ẹ́, ìbéèrè ọ̀sẹ̀ yìí ò lè bí àkókò. Tó o bá fi òótọ́ kọ ọ́ fún oṣù méjì, tí ẹyọ mẹ́ta ò ṣeé ṣe lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀, ohun tí ìwé yẹn ń sọ fún ẹ ni pé iṣẹ́, ọ̀nà jíjìn àti ilé ti gba gbogbo ẹ̀. Ìgbà yẹn, dín iye péépà tó o fẹ́ jókòó fún kù, tàbí kó o lọ gba ìsinmi ọdún ẹ nígbà tí ìdánwò bá kù díẹ̀. Kò tún lè kọ́ ẹ ní ohun tí o ò mọ̀. Tó o bá rí i pé ò ń ṣe ẹyọ pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣùgbọ́n máàkì inú ìwé ẹ ò kúrò lójú kan, olùkọ́ lo nílò, má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹ tó ń ránṣọ gbé ẹrù yẹn.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ sí i nìyí tó bá jẹ́ èmi, alẹ́ òní ni kó o fi ránṣẹ́: "Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ ká tún un ṣe, ṣùgbọ́n ká yí i padà. Sọ́ńdè aago méje, lórí wásáàpù, iye tá a ní àti iye tá a ṣe, ó tán. Ẹni tí kò bá ṣe nǹkan kan á kọ òfo, a ò ní bá ara wa wí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré, lẹ́yìn ẹ̀ ká jókòó wò ó bóyá ká tẹ̀ síwájú. Tèmi ọ̀sẹ̀ yìí: 3. Tìẹ ń kọ́?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn má gbàgbé ẹ̀ o, àdéhùn tí kò ní òpin, ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń gbà parí ni kó kú. Tó bá ní òun ò fẹ́, ìgbà yẹn ni kó o tó wá ẹlòmíì.